Bí mo ṣe sọ àkójọ ìbéèrè kan di ìwé ìdánwò tí ó ní ìlànà ìmáàkì

Fáìlì kan ṣoṣo ni wọ́n fi lé mi lọ́wọ́, ìbéèrè ọ́bújẹ́tíìfù 46 àti ìbéèrè alálàyé 8 ni ó sì wà nínú rẹ̀. Àwa olùkọ́ mẹ́ta ni a jọ kó wọn jọ fún ìdánwò sáyẹ́ǹsì, oníkálukú wa sì ń lẹ tirẹ̀ mọ́ ìdí ti ẹni tí ó ṣáájú láìwo ohun tí ó ti wà níbẹ̀. Ohun tí ó yẹ kí ó jáde ni ìwé ìdánwò oníwákàtí méjì. Abala A yóò ní ìbéèrè 40, máàkì kọ̀ọ̀kan. Abala B yóò ní ìbéèrè 5, kí akẹ́kọ̀ọ́ mú 3 dáhùn nínú wọn, 20 máàkì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 100. Mo ṣírò ìṣẹ́jú 40 fún Abala A àti ìṣẹ́jú 80 fún Abala B, èyí tí ó fi díẹ̀ lé ní ìṣẹ́jú 26 sílẹ̀ fún ìbéèrè alálàyé kọ̀ọ̀kan.

Ọjọ́ kìíní

Mo kọ́kọ́ rò pé títẹ̀ àti títò ni iṣẹ́ náà, mo sì bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí kò yẹ, ìyẹn nọ́ńbà. Ìdajì nọ́ńbà inú fáìlì náà ni a fi ọwọ́ tẹ̀, ìdajì yòókù sì jẹ́ èyí tí kọ̀ǹpútà ń kà fúnra rẹ̀, nítorí náà bí mo bá yọ ìbéèrè kan kúrò, àwọn kan á sún sókè, àwọn kan á dúró gbọin. Lẹ́yìn wákàtí kan mo ní ìbéèrè méjì tí wọ́n jọ ń jẹ́ 17, n kò sì mọ èwo nínú wọn ni ìdáhùn 17 tí ó wà nísàlẹ̀ fáìlì ń tọ́ka sí.

Mo dáwọ́ dúró, mo sì da gbogbo ìbéèrè náà sínú Excel. Mo fún ìbéèrè kọ̀ọ̀kan ní àmì tí kò ní yí padà títí iṣẹ́ á fi parí, ìbáà jẹ́ pé ipò rẹ̀ nínú ìwé ìdánwò yí padà nígbà mẹ́wàá: S01 títí dé S46 fún ọ́bújẹ́tíìfù, T1 títí dé T8 fún alálàyé. Òpó kejì ni ìbéèrè fúnra rẹ̀, òpó kẹta ni lẹ́tà ìdáhùn tí ó tọ̀nà, òpó kẹrin ni ẹ̀kọ́ tí ó ti wá, èyí tí ó kẹ́yìn sì ni ìpinnu mi lórí rẹ̀. Láti ìgbà náà lọ, bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀ nípa ìbéèrè kan, àmì rẹ̀ ni a máa ń pè.

Mẹ́fà ni mo ní láti yọ kúrò, kò sì gbà mí ní àkókò. Mẹ́rin nínú wọn jẹ́ àtúnsọ ohun tí ẹlòmíràn ti bèèrè. Ìkarùn-ún ń fi ìdáhùn T5 han akẹ́kọ̀ọ́ ní kedere, nítorí pé ìtumọ̀ tí T5 fẹ́ kí ó kọ sílẹ̀ ni ojú ìbéèrè náà fi bẹ̀rẹ̀. Ìkẹfà ni ó jọ mí lójú jù. Ó bèèrè ohun tí ewéko nílò láti fi pèsè oúnjẹ rẹ̀, ó sì fi omi sí A, ìyẹ̀pẹ̀ sí B, ìmọ́lẹ̀ oòrùn sí C, òkúta sí D. C ni ẹni tí ó kọ ọ́ ní lọ́kàn, ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá mú A kò ṣìnà rárá. A lè tún un ṣe, bí a bá bèèrè ohun tí gbòǹgbò ń fà láti inú ilẹ̀ fún iṣẹ́ náà, àmọ́ níwọ̀n ìgbà tí mo ti ní 40 tí ó dára láìsí i, mo jẹ́ kí ó lọ.

Ọjọ́ kejì

Kí n tó tẹ ohunkóhun, mo fẹ́ mọ iye ìgbà tí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìdáhùn tí ó tọ̀nà nínú 40 tí ó kù. Ìlà kan péré ni ó gbà, tí mo sì yí lẹ́tà inú rẹ̀ padà fún àwọn mẹ́ta yòókù:

```
=COUNTIF(C2:C41,"A")
```

A jẹ́ 5, B jẹ́ 8, C jẹ́ 19, D jẹ́ 8. Ìyẹn ni pé akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ka ìwé kankan, tí ó kàn ń kọ C láti òkè dé ilẹ̀, yóò gba máàkì 19 nínú 40. Kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni nínú wa mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Bí ènìyàn bá ń ronú ìdáhùn ẹ̀tàn, ó máa ń kọ ọ̀kan tàbí méjì sílẹ̀ ná, á wá fi òótọ́ ti àárín wọn, kí ó má bàa hàn jù. Òótọ́ náà sì tún máa ń gùn ju àwọn yòókù lọ, nítorí pé olùkọ́ kì í fẹ́ kí a rí àṣìṣe nínú rẹ̀, ó sì ń fi àlàyé há a. Mo rí mọ́kànlá tí ìdáhùn wọn gùn báyìí, mo gé ọ̀rọ̀ wọn kúrú tàbí kí n fa èyí tí kì í ṣe òótọ́ gùn dé ìwọ̀n kan náà.

N kò fi ojú ara mi da lẹ́tà náà rú, nítorí pé ojú ènìyàn máa ń dá àpẹẹrẹ mìíràn sílẹ̀. Òfin méjì ni mo tẹ̀lé. Bí ìdáhùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá jẹ́ nọ́ńbà, mo tò wọ́n láti kékeré lọ sí ńlá. Bí wọ́n bá jẹ́ ọ̀rọ̀, mo tò wọ́n gẹ́gẹ́ bí ábídí ṣe tò wọ́n, ọwọ́ ni mo sì fi ṣe é, nítorí pé kọ̀ǹpútà mi kò mọ̀ pé ẹ̀yìn gbogbo g ni gb máa ń wà nínú ábídí wa. Nígbà tí mo tún kà á, A di 9, B di 11, C di 10, D di 10. Kò pé déédéé, kò sì yẹ kí ó pé déédéé, nítorí akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá mọ̀ pé mẹ́wàá mẹ́wàá ni olùkọ́ máa ń ṣe é á fi ìṣirò mú èyí tí ó kẹ́yìn.

Níbí ni mo ti ṣe àṣìṣe tí n kò rí títí di ọjọ́ kẹrin. Ìbéèrè mẹ́ta ní irú ìdáhùn bíi “A àti C nìkan”. Bí a bá tún ìdáhùn tò, irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ kò tọ́ka sí ohun tí ó ń tọ́ka sí tẹ́lẹ̀ mọ́. Mo rántí méjì, mo yí wọn sí ọ̀nà mìíràn, mo sì gbàgbé ẹ̀kẹta, S23.

Ọjọ́ kẹta: ìlànà ìmáàkì fún Abala B

Ọ̀nà tí mo mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni pé a óò tẹ ìwé ìdánwò, a óò fi ránṣẹ́, a óò wá jókòó kọ ìlànà ìmáàkì ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ ìdánwò. Ní ìgbà yìí, mo kọ ìlànà ìmáàkì fún gbogbo ìbéèrè alálàyé kí n tó fi wọ́n sínú ìwé, ìyẹn ni ó sì jẹ́ kí n rí i pé mẹ́ta nínú mẹ́jọ kò ṣe é dáhùn bí a ṣe kọ wọ́n. Mo lo márùn-ún tí ó dára jù, ọ̀kan nínú wọn ni mo sì fẹ́ ṣàlàyé dáadáa.

Báyìí ni T3 ṣe rí nínú fáìlì àkọ́kọ́: “Kí ni dẹ́ńsítì? Ṣàlàyé bí a ṣe lè rí dẹ́ńsítì òkúta kan tí ó wọn 54 g. (20 máàkì)”. Ó dùn lẹ́nu. Nígbà tí mo fẹ́ pín 20 máàkì náà, mo kọ 2 síwájú ìtumọ̀ dẹ́ńsítì, ìyẹn máàsì nǹkan tí a pín pẹ̀lú fọ́lúùmù àyè tí ó gbà, ọwọ́ mi sì dúró síbẹ̀. Iye 54 g wà níbẹ̀ bí ẹni pé kí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ìṣirò, ṣùgbọ́n kò sí fọ́lúùmù kankan. Akẹ́kọ̀ọ́ kan yóò rò pé àlàyé lásán ni wọ́n ń fẹ́, òmíràn yóò máa wá nọ́ńbà tí kò sí. Kò sì sí bí máàkì 18 ṣe lè jáde láti inú gbólóhùn kan.

Mo pín in sí mẹ́rin. (a) Kí ni ìtumọ̀ dẹ́ńsítì? máàkì 2. (b) Ṣàlàyé ìgbésẹ̀ mẹ́rin tí a lè gbà fi sílíńdà oníwọ̀n àti omi rí fọ́lúùmù òkúta kékeré kan, máàkì 8. (d) Òkúta kan tí máàsì rẹ̀ jẹ́ 54 g mú kí omi inú sílíńdà kúrò ní 40 cm³ lọ sí 60 cm³. Ṣírò dẹ́ńsítì rẹ̀, máàkì 6. (e) Bí a bá fi òkúta náà sínú omi, ṣé yóò léfòó tàbí yóò rì? Fi ìdáhùn rẹ ní (d) ṣàlàyé, máàkì 4. Ẹ ó rí i pé a, b, d, e ni mo lò fún ìpín Abala B gẹ́gẹ́ bí ìwé Yorùbá ṣe máa ń ṣe é, nígbà tí Abala A ń lo A, B, C, D nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tẹ àpótí orí ìwé ìdáhùn. Mo ronú lórí rẹ̀ pẹ́ díẹ̀, mo sì fi í sílẹ̀.

Fún (b), ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan gba máàkì 2: kí a bu omi sínú sílíńdà kí a sì ka ibi tí ó dé, kí a so òkúta mọ́ òwú kí a rọra sọ ọ́ kalẹ̀ títí omi á fi bò ó pátápátá, kí a ka ibi tí omi dé báyìí, kí a yọ iye àkọ́kọ́ kúrò nínú èkejì. Fún (d), máàkì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ni mo kọ lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí pé ibi ìṣirò ni àwọn olùmáàkì ti máa ń yàtọ̀ síra jù:

```
60 - 40              1  (ọ̀nà)
= 20 cm³             1  (iye)
d = m / V            1
= 54 / 20            1
= 2.7                1
g/cm³                1
```

Akẹ́kọ̀ọ́ kan á wà tí kò ní yọ 40 kúrò, tí yóò fi 60 ṣe fọ́lúùmù. Ìdáhùn rẹ̀ yóò jẹ́ 0.9. Bí olùmáàkì bá wo ìlà tí ó kẹ́yìn nìkan, òdo ni yóò fún un. Ohun tí mo kọ sínú ìlànà ni pé ó pàdánù máàkì 2 ti fọ́lúùmù, ṣùgbọ́n bí ó bá fi 60 tirẹ̀ ṣe ìyókù iṣẹ́ náà láìsí àṣìṣe mìíràn, ó gba 4 nínú 6. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni àṣìṣe kan gbọ́dọ̀ jẹ ènìyàn níyà.

Òfin yìí gan-an ni ó da (e) rú. Mo fi í han ẹlẹgbẹ́ mi kan, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ tí ó rí 0.9 yóò sọ pé òkúta náà á léfòó, nítorí pé 0.9 kéré sí 1 tí í ṣe dẹ́ńsítì omi. Gẹ́gẹ́ bí òfin yín, ẹ ó fún un ní mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ṣùgbọ́n inú omi ni òkúta náà wà láti (d), ó ti rì síbẹ̀ tipẹ́!” Òótọ́ ni. Bí mo bá fún un ní máàkì, mo ń san owó fún ohun tí kò lè ṣẹlẹ̀. Bí n kò bá fún un, mo ti fi ìyà jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì nítorí àṣìṣe kan. A jọ jókòó tì í fún bí ìdajì wákàtí, a kọ oríṣi òfin mẹ́ta, kò sí èyí tí ó wọlé.

Ìbéèrè ni a yí padà níkẹyìn, kì í ṣe òfin. A fi mẹ́kúrì rọ́pò omi ní (e), a sì fún akẹ́kọ̀ọ́ ní dẹ́ńsítì rẹ̀, 13.6 g/cm³. Ẹni tí ó rí 2.7 yóò sọ pé ó léfòó. Ẹni tí ó rí 0.9 yóò sọ bẹ́ẹ̀, ẹni tí ó fi 40 ṣe fọ́lúùmù tí ó rí 1.35 náà yóò sọ bẹ́ẹ̀, kódà ẹni tí ó yí fọ́múlà sódì, tí ó pín 20 pẹ̀lú 54 tí ó rí nǹkan bíi 0.37, kò ní yà kúrò lọ́nà. Nítorí pé ìdáhùn náà rọrùn láti méfò báyìí, mo dín máàkì “yóò léfòó” kù sí 1, mo sì fi 3 sórí ìdí: 1 fún mímú iye ti òkúta jáde, 1 fún mímú iye ti mẹ́kúrì jáde, 1 fún sísọ pé ti òkúta ni ó kéré jù.

Ọjọ́ kẹrin: ìdánwò lórí ìdánwò

Ẹlẹgbẹ́ mi jókòó, ó dáhùn Abala A láìrí ìdáhùn tèmi. Ìbéèrè mẹ́ta ni a ti yàtọ̀. Ọ̀kan jẹ́ àṣìṣe tirẹ̀. Ọ̀kan jẹ́ ti títẹ̀, níbi tí mo ti fi B sínú Excel fún ohun tí ó yẹ kí ó jẹ́ D. Ẹ̀kẹta ni S23, tí ìdáhùn rẹ̀ “A àti C nìkan” ti di irọ́ láti ọjọ́ kejì. Mo tún un kọ láìfi irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀ sí i mọ́.

Lẹ́yìn náà ó kọ ìdáhùn mẹ́ta sí T3 bí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe lè kọ ọ́, pẹ̀lú àṣìṣe tí ó mọ̀ọ́mọ̀ fi sínú wọn, ó ṣe ẹ̀dà wọn, a sì máàkì wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Lórí ọ̀kan nínú wọn, èmi fún un ní 13, òun sì fún un ní 17. Gbogbo ìyàtọ̀ náà wà ní (b). “Akẹ́kọ̀ọ́” náà ya àwòrán sílíńdà méjì, ó kọ ibi tí omi dé sí ara ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó wá fi gbólóhùn méjì péré tẹ̀lé e. Gbólóhùn nìkan ni èmi kà, òun sì ka àwòrán náà mọ́ ọn. Mo fi kún ìlànà pé àwòrán tí a kọ orúkọ àti iye sí lè gba máàkì ìgbésẹ̀ tí ó bá fi hàn kedere, ṣùgbọ́n ìgbésẹ̀ kan kò lè gba máàkì lẹ́ẹ̀mejì nítorí pé ó wà nínú àwòrán àti nínú gbólóhùn. Ó tún bèèrè pé kí ni ká ṣe fún ọmọ tí ó sọ pé kí ojú wà ní ìbámu pẹ̀lú omi nígbà tí a bá ń kà á. Ohun tí ó dára láti mọ̀ ni, ṣùgbọ́n kò sí lára ohun tí a bèèrè, nítorí náà kò gba máàkì. Nígbà tí a tún un máàkì, èmi fún un ní 16, òun náà 17. N kò bá a jà lórí ọ̀kan yẹn.

Mo fi òfin kan sí òkè ìlànà fún gbogbo Abala B: bí akẹ́kọ̀ọ́ bá dáhùn ju mẹ́ta lọ, mẹ́ta àkọ́kọ́ tí kò fagi lé ni a óò máàkì. A sì kọ ọ́ sí ojú ìwé ìdánwò náà, kí ó má bàa bá wọn lójijì.

Ọjọ́ karùn-ún: títẹ̀

Nígbà tí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ti dúró, títẹ̀ nínú Word kò gba ju ọ̀sán kan lọ. Mo fi ìdáhùn kúkúrú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sórí ìlà kan, àwọn tí ó gùn sí ìlà mẹ́rin, `Tab` ni mo sì fi yà wọ́n, kì í ṣe pé mo ń tẹ ààyè léraléra, nítorí pé irú ààyè bẹ́ẹ̀ kì í bára mu nígbà tí ìwé bá jáde. Mo fi `Keep with next` sórí ojú ìbéèrè àti gbogbo ìdáhùn rẹ̀ àyàfi èyí tí ó kẹ́yìn, kí ìbéèrè má bàa wà ní ojú ewé kan kí C àti D sì wà ní ẹ̀yìn rẹ̀. Máàkì Abala B wà létí ọ̀tún, ní ipò kan náà láti òkè dé ilẹ̀.

Wàhálà kan ṣoṣo ni ó ṣẹlẹ̀. Nínú fáìlì àkọ́kọ́, ọ̀kan nínú wa ti fi lẹ́tà dúdú kirikiri sàmì sí ìdáhùn tí ó tọ̀nà. Mo rò pé mo ti pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Nígbà tí mo tẹ ẹ̀dà kan jáde, mo rí ìdáhùn ìbéèrè 31 tí ó dúdú ju àwọn yòókù lọ. Mo mú gbogbo ìwé náà pẹ̀lú `Ctrl+A`, mo tẹ `Ctrl+Spacebar`, àmì dúdú náà lọ, ṣùgbọ́n ó bá ohun mìíràn lọ: nọ́ńbà kékeré orí `cm` sọ̀ kalẹ̀, gbogbo `cm³` sì di `cm3`. Mo wá `cm3` káàkiri, mo fi `cm³` tí ó ní nọ́ńbà kékeré tirẹ̀ gan-an rọ́pò rẹ̀, èyí tí kọ̀ǹpútà kò lè sọ̀ kalẹ̀ mọ́. Mo ní láti tún àkọlé àti orúkọ abala ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i pẹ̀lú.

Mo sọ ìwé méjèèjì di PDF kí àmì orí àti abẹ́ ọ̀rọ̀ má bàa di àpótí òfìfo lórí kọ̀ǹpútà ẹni tí yóò tẹ̀ ẹ́ jáde. Ìwé ìdánwò jẹ́ ojú ewé 6, ìlànà ìmáàkì jẹ́ 5, inú fáìlì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n sì wà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ohun tí mo ṣe kẹ́yìn ni pé mo padà sínú Excel, mo fi òpó mẹ́rin òfìfo síwájú S01 títí dé èyí tí ó kẹ́yìn, A, B, C, D, fún iye akẹ́kọ̀ọ́ tí yóò mú lẹ́tà kọ̀ọ̀kan nígbà tí a bá máàkì tán.